Ọ̀pá iná, pánẹ́ẹ̀lì tàbí háíbéè: ojú iná mélòó ni gbọ̀ngàn rẹ ń fẹ́?

Ìṣirò sọ pé ojú iná mẹ́jọ ti tó, mo sì so mẹ́jọ. Gbọ̀ngàn náà gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 12, àjà rẹ̀ kò sì ju mítà 4 lọ sókè. Lálẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan wọ́n, ẹni tó jókòó sábẹ́ iná ń fi ọwọ́ ṣíji bojú, ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ògiri sì ń gbé ìwé rẹ̀ sún mọ́ imú kó tó rí i kà. Mo mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, mo wọn gbogbo gbọ̀ngàn ká, mo sì ṣe ìpíndọ́gba rẹ̀. Ó lé ní lọ́kìsì 300 tí wọ́n ní kí n fún wọn. Ìṣirò mi kò ṣì rárá. Iná tí mo yàn ni kò bá gbọ̀ngàn mu.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti gba iye tí ìṣirò bá kọ́kọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ó kàn ń sọ iye tí a kò gbọ́dọ̀ dín sí ni. Bí a bá ti rí i, a óò tún béèrè ìbéèrè kejì: tí a bá tò wọ́n sójú àjà, báwo ni wọn yóò ṣe jìnnà síra tó? Ìbéèrè kejì yìí gan-an ló ń ya àwọn iná sọ́tọ̀ síra wọn, òun náà ni mo fẹ́ fi ṣe ìfiwéra níbí. Oríṣi iná mẹ́ta ni màá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá iná méjì nínú ìdìmú kan, láìsí ohunkóhun tó bò ó. Ìkejì ni pánẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin. Ìkẹta ni iná ńlá tó rí bí agogo tàbí àwo, tí wọ́n máa ń so sí ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí, èyí tí àwọn oníná ń pè ní háíbéè. Ẹlíídì ni gbogbo wọn.

Iye tí ó gbọ́dọ̀ balẹ̀

Lúmẹ́nì ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára iná. Lọ́kìsì ni iye lúmẹ́nì tó balẹ̀ sórí mítà kan níbùú àti lóròó. Bí ẹni da garawa omi kan sílẹ̀ ni: omi kan náà ni, ṣùgbọ́n bó ṣe jìn tó lórí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, àti iye tó ta sí ẹ̀gbẹ́ kó tó dé ilẹ̀.

Ìlànà tí a fi ń ṣírò iye ojú iná nìyí:

```
N = (E × A) / (F × UF × MF)
```

N ni iye ojú iná. E ni lọ́kìsì tí a fẹ́. A ni bí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ṣe tóbi tó, èyí tí a rí nígbà tí a fi ìbú sọ òró di púpọ̀. F ni lúmẹ́nì ojú iná kan. UF ni ìpín tó balẹ̀ nínú ohun tó jáde, MF sì ni ìpín tó máa kù nígbà tí eruku bá ti bò ó, tí iná fúnra rẹ̀ sì ti ń gbó.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ló ń sọ E, kì í ṣe bí gbọ̀ngàn ṣe tóbi tó. Ìlànà àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 12464-1, nínú ẹ̀dà ọdún 2011, fún gbọ̀ngàn àpéjọ ilé ẹ̀kọ́ ní lọ́kìsì 200, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ní 300, gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní 500, ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán sì ní 100. Nínú gbọ̀ngàn tí mo ń sọ yìí, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń kọ̀wé díẹ̀, wọ́n sì ń ta bọ́ọ̀lù orí tábìlì nígbà míì. A fẹnu kò sí 300. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 lọ́nà 12, ìyẹn 240. Fi 300 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fún ọ ní lúmẹ́nì 72,000.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á mú 72,000 yìí, wọ́n á fi lúmẹ́nì tí wọ́n kọ sára páálí pín in. Pánẹ́ẹ̀lì lúmẹ́nì 4,000? Ó parí, 18. Ṣùgbọ́n 72,000 yẹn kì í ṣe ohun tó ń jáde lára iná, ohun tó gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì ni. Pánẹ́ẹ̀lì 18 yẹn, nígbà tí a bá ti yọ ohun tí ògiri gbé mì àti ohun tí eruku gbà, kò ní fún gbọ̀ngàn ju nǹkan bíi lọ́kìsì 204 lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ ti bá ọ̀nà lọ. Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, kò sẹ́ni tó máa ṣàròyé.

Ìpín tó balẹ̀, àti ibi tí a ti ń rí i

A kì í fojú díwọ̀n UF. Àwọn tó ṣe iná ló ń tẹ táábìlì rẹ̀ sínú ìwé àlàyé iná wọn. Nǹkan méjì ni a óò gbé lọ síbẹ̀: bí àjà, ògiri àti ilẹ̀ ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tó, àti nọ́ńbà kan tó ń sọ ìrísí gbọ̀ngàn:

```
K = (L × W) / (H × (L + W))
```

L ni gígùn, W ni fífẹ̀. H kọ́ ni gíga àjà láti ilẹ̀ o! Láti orí tábìlì dé ojú iná ni a ti ń wọn ọ́n. Tábìlì ga tó mítà 0.8, iná wà ní mítà 4, nítorí náà H jẹ́ 3.2. Tí a bá wá ṣe é, 240 tí a fi 102.4 pín, K jẹ́ 2.34.

K tó pọ̀ túmọ̀ sí gbọ̀ngàn tó fẹ̀ tí àjà rẹ̀ kò ga. Ìmọ́lẹ̀ kò rí ògiri púpọ̀ lu kó tó balẹ̀, nítorí náà UF a dára. K tó kéré, gbọ̀ngàn tó dúró ṣánṣán bí ilé ìṣọ́, ògiri ni yóò máa jẹ ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀. Àwọ̀ funfun ní àjà, àwọ̀ tó mọ́ níwọ̀nba lára ògiri, ilẹ̀ tó ṣú díẹ̀: èyí ni ọ̀wọ́ tí wọ́n máa ń kọ sí táábìlì ní 70/50/20, òun ni mo sì lò. Bí wọ́n bá fi pákó dúdú bo ògiri gbọ̀ngàn rẹ, lọ wo ọ̀wọ́ mìíràn, kí ó má sì yà ọ́ lẹ́nu pé iye iná gbéra.

MF, mo fi 0.8 sí i fún gbogbo wọn, èyí tó wọ́pọ̀ fún ibi mímọ́ tí wọ́n ń nu iná. Níbi tí eruku pọ̀, tí kò sẹ́ni tó máa gun àkàbà, 0.7 ló bójú mu. Bí o bá rí `L70 50,000 h` lára páálí, ohun tó ń wí ni pé nígbà tí iná bá ti tàn fún wákàtí 50,000, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 70 nínú 100. Kò ní kú. Yóò kàn máa rọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi í tètè mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí F, nítorí ó ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn tí mo ń ra iná lọ́wọ́ wọn. Lúmẹ́nì ta ni wọ́n kọ? Lára ọ̀pá iná, lúmẹ́nì ọ̀pá nìkan ni wọ́n máa ń kọ, nígbà tí kò tíì wọ inú ìdìmú kankan. Lára pánẹ́ẹ̀lì àti háíbéè tó dára, lúmẹ́nì gbogbo ojú iná lápapọ̀ ni, lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ ti la awò tó bò ó kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ ti ẹlíídì nìkan, bí ẹni pé kò sí awò rárá. Bí ìwé àlàyé kò bá sọ pé ti ojú iná ni, má fi wé èyí tó sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, táábìlì UF àti lúmẹ́nì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oríṣi kan náà: táábìlì tí wọ́n ṣe fún lúmẹ́nì ọ̀pá, lúmẹ́nì ọ̀pá ni kí o lò pẹ̀lú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ yóò yọ àdánù kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn kan náà

UF tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ irú èyí tí a máa ń bá nínú táábìlì fún K tó wà lágbègbè 2.34. Ti iná tí o bá fẹ́ rà ni kí o fi rọ́pò rẹ̀.

| | Ọ̀pá méjì | Pánẹ́ẹ̀lì | Háíbéè |
|---|---|---|---|
| Lúmẹ́nì ojú iná kan | 4,000 | 4,000 | 13,000 |
| Wáàtì | 36 | 40 | 100 |
| UF | 0.65 | 0.85 | 0.9 |
| Lúmẹ́nì tó balẹ̀ | 2,080 | 2,720 | 9,360 |
| Iye tí ìṣirò fún wa | 34.6 | 26.5 | 7.7 |
| Iye tó ṣeé tò | 36 (ìlà 4, 9 lórí ìlà) | 28 (ìlà 4, 7 lórí ìlà) | 8 (ìlà 2, 4 lórí ìlà) |
| Wáàtì lápapọ̀ | 1,296 | 1,120 | 800 |

Wo bí ọ̀pá àti pánẹ́ẹ̀lì ṣe ní lúmẹ́nì kan náà, síbẹ̀ tí iye wọn kò bára mu. Ọ̀pá tí kò ní ìbòrí ń da apá kan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè sí àjà àti sí ẹ̀gbẹ́, ìgbà tí àwọn yẹn bá sì fi máa padà sísàlẹ̀, wọ́n ti dín kù. Pánẹ́ẹ̀lì kò mọ ju ìsàlẹ̀ lọ. Kì í ṣe àléébù nìkan ni fún ọ̀pá o: àjà tí ìmọ́lẹ̀ kan máa ń mú kí gbọ̀ngàn dà bí ibi tó fẹ̀, nígbà tí àjà ibi tí pánẹ́ẹ̀lì wà lè dà bí ìgbà tí òjò ṣú. Àwọn kan fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, mo sì gbà fún wọn.

Ẹni tó bá ka táábìlì yìí láì kà á síwájú, háíbéè ni yóò rà. Ojú iná tó kéré jù, wáyà tó kéré jù, wáàtì tó kéré jù. Èmi náà, báyìí ni mo ṣe ṣe é.

Jíjìnnà síra

Ìwé àlàyé iná máa ń ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń kọ ní `SHR`. Ó ń sọ pé àlàfo láàárín iná kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po báyìí ti H lọ. Iná tó ń tan gbòòrò máa ń gbà tó 1.5 nígbà míì. Háíbéè tí mo rà ní 1.2. H tiwa jẹ́ 3.2, nítorí náà àlàfo kò gbọ́dọ̀ ju mítà 3.84 lọ.

Ká wá wo bí wọ́n ṣe tò. Pánẹ́ẹ̀lì 28 ní ìlà mẹ́rin: 12 tí a fi 4 pín, mítà 3 láti ìlà dé ìlà, 20 tí a fi 7 pín, mítà 2.86 lórí ìlà kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀pá 36 náà wọlé, mítà 3 sí 2.22. Háíbéè mẹ́jọ ní ìlà méjì: mítà 6 láàárín ìlà, mítà 5 lórí ìlà. Mítà 6 tí a fi 3.2 pín jẹ́ 1.875. Ó ti ré kọjá 1.2 tipẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní gbọ̀ngàn mi. Lábẹ́ iná, ẹ̀rọ mi ka ohun tó lé ní 600. Ní kọ̀rọ̀ méjì tó jìnnà jù, kò tó 100. Bí o bá pín 100 sí ìpíndọ́gba tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 390 nígbà tí iná ṣì tuntun, ó jẹ́ 0.26, bẹ́ẹ̀ sì ni níbi tí èèyàn ti ń kàwé, 0.6 ni a máa ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, háíbéè tí a ṣe fún àjà gíga kò ní ohun tó máa mú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ fún ojú. Ní mítà 4, tààrà ló ń wọ ojú ẹni tó bá gbójú sókè wo orí pèpéle.

Ṣé a kò lè fi háíbéè sí i títí yóò fi wọlé ni? A lè fi sí i. Àlàfo tí kò ju mítà 3.84 lọ ń béèrè ìlà mẹ́rin, mẹ́fà lórí ìlà, ìyẹn 24. Lúmẹ́nì 9,360 lọ́nà 24, pín in sí 240, ó di lọ́kìsì 936. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí a fẹ́, pẹ̀lú wáàtì 2,400. Báyìí ni a ṣe ń mọ̀ pé iná kan tóbi jù fún gbọ̀ngàn: iye tí ìmọ́lẹ̀ béèrè àti iye tí àlàfo béèrè jìnnà síra wọn, 8 sí 24. Lọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, tí mo bá lo 1.2 kan náà, àlàfo ń béèrè 24, ìmọ́lẹ̀ sì ń béèrè 27. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ibi tí nọ́ńbà méjèèjì bá ti sún mọ́ra, iná tó bá gbọ̀ngàn mu ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí títò: láti ògiri dé iná àkọ́kọ́, ìdajì àlàfo ni, kì í ṣe odindi. Bí àlàfo bá jẹ́ mítà 3, iná àkọ́kọ́ wà ní mítà 1.5 sí ògiri. Ẹni tó bá fi odindi sílẹ̀ yóò rí i pé ẹ̀bá ògiri ń ṣókùnkùn, níbi tí wọ́n sì máa ń to àga mọ́ jù nìyẹn.

Gbé àjà sókè, ọ̀rọ̀ yí padà

Ká fi ilẹ̀ gbọ̀ngàn sílẹ̀ bó ṣe wà, ká kàn gbé àjà sókè títí H yóò fi di mítà 8. K já sí 0.94. Gbogbo UF ló wálẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wálẹ̀ bákan náà. Háíbéè tó ń da ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀ ṣoṣoṣo lè dúró ní 0.7. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń tàn gbòòrò lè já sí 0.55, ọ̀pá tí kò ní ìbòrí sí 0.4.

Lúmẹ́nì tí háíbéè kan ń mú balẹ̀ di 7,280, ìṣirò sì fún wa ní 9.9, ìyẹn 10. Ìlà méjì, márùn-ún lórí ìlà: mítà 6 sí 4. Mítà 6 tí a fi 8 pín jẹ́ 0.75, ó wọlé láìsí wàhálà. Wáàtì 1,000. Pánẹ́ẹ̀lì ń mú 1,760 balẹ̀, a nílò 41, a ó sì tò wọ́n ní 42, wáàtì 1,680. Ọ̀pá méjì di 57 kí a tó rò ó bóyá ó ṣeé tò. Kí o sì wá ronú ẹni tó máa gun òkè lọ nu méjìlélógójì ní gíga bẹ́ẹ̀, tàbí tó máa pààrọ̀ ọ̀kan tó kú. Háíbéè ló ni ibí yìí, mi ò tiẹ̀ ní jiyàn.

Láàárín gíga méjèèjì yìí, H bíi mítà 5 sí 6, ibẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò fún méjèèjì ká tó sọ̀rọ̀. Háíbéè tó kéré, lúmẹ́nì 6,000 sí 8,000, a máa borí níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Gílóòbù kékeré ńkọ́? Ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀ nítorí ó ti ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ nílé. Gílóòbù wáàtì 9 sábà máa ń fúnni ní lúmẹ́nì 806. Ká fún un ní UF 0.5 nínú gbọ̀ngàn alájà mítà 4: 224 ni yóò gbà. Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ká tó sanwó, àti lẹ́yìn tí a bá so ó

So ojú iná méjì péré fún ìgbà díẹ̀ kí o tó ra gbogbo rẹ̀, ní àlàfo tí o ti ṣírò, kí o sì wọn abẹ́ ọ̀kan àti àárín méjèèjì lálẹ́. Bí àárín bá já ju ìdajì abẹ́ iná lọ, ronú sí i. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iná yòókù yóò bù kún àárín, kọ̀rọ̀ kì í rí ẹni tó máa bù kún un.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin bíi mítà 2 sí 2, kí o sì wọn àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gíga mítà 0.8. Alẹ́ ni kí o ṣe é, kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé má bàa tàn ọ́. Jẹ́ kí iná ti tàn díẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì yà kúrò níwájú ojú ẹ̀rọ. Òjìji ara ẹni ti ba ọ̀pọ̀ ìwọ̀n jẹ́. Gbọ̀ngàn tuntun gbọ́dọ̀ ka ju E lọ: pánẹ́ẹ̀lì 28 tiwa yẹ kó sún mọ́ 397, nítorí MF kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú rẹ̀. Bí gbọ̀ngàn tuntun bá ka 300 gérégé lónìí, ó ti kéré jù ná. Bí ó bá ka 330 níbi tí o ti ń retí 397, F ni kí o kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà àwọ̀ ògiri.

Ní gbọ̀ngàn mi, mo sọ háíbéè mẹ́jọ náà kalẹ̀, mo sì so pánẹ́ẹ̀lì 28. Ìwọ̀n tó kéré jù lọ kúrò ní 100, ó di 265 sí ìpíndọ́gba 385. Wáàtì fi 320 pọ̀ sí i, owó wáyà náà sì pọ̀, èmi ni mo sì san án. Háíbéè mẹ́jọ yẹn ṣì wà nínú páálí wọn lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń dúró de àjà tó ga.